Principal tàbí principle nínú ìwé ìkéde ilé-ẹ̀kọ́: ẹ gbà mí kí n tó tẹ̀ ẹ́

Atẹ̀wé Mararaba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní níbí ní Mararaba, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà lójú títì Keffi ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ọ̀kan nínú wọn, ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù lálẹ́ àná. Wọ́n fẹ́ ẹ̀dà rẹpẹtẹ tí àwọn ọmọ máa mú lọ sílé, wọ́n tún fẹ́ bánà ńlá kan tí wọ́n máa gbé kọ́ sẹ́nu géètì. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á.

Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà sórí kọ́mpútà kí n tó ṣàkíyèsí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà kọ ọ̀rọ̀ kan. Níbì kan principal, níbòmíràn principle. Kọ́mpútà ò fa ìlà pupa sábẹ́ ìkankan. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kò séwu, pé bákan náà ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Èmi ò gbà. Bánà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi rọ́bà pa rẹ́. Bí wọ́n bá dá a padà, owó mi ló wọlẹ̀.

Mo ti yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́ nìyí:

```
The Principle wishes to inform all parents that
Open Day has been moved to Friday.
The principle reason for the change is the SS3
mock examination.
Parents who have agreed in principle to pay by
instalments should see the Bursar.
A charge of 5% will be added on the principle
after the due date.
Punctuality is one of the guiding principals
of our school.

Signed: The Principal
```

Èwo ló tọ̀nà níbẹ̀, èwo ni kò tọ̀nà? Ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀ náà, torí wọ́n máa bi mí.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, èyí ò le rárá. Principal ni èèyàn, ìyẹn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Principle ni ìlànà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé ni pé kí á wo ìparí ọ̀rọ̀ náà: "pal" ló wà nídìí principal, ọ̀rẹ́ sì ni "pal" lédè Òyìnbó. Èèyàn ló lè ṣọ̀rẹ́ ẹni, ìlànà ò lè ṣọ̀rẹ́ ẹnì kankan. Mi ò gbàgbé ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìwé pírínsípà sì ni èyí látòkè délẹ̀. Ẹ ṣí `Replace`, ẹ kọ principle sí àpótí òkè, ẹ kọ principal sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ `Replace All`. Ẹ ti ṣe tán nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kano

Ọjọ́ Jímọ̀ kẹ̀? Ta ló ń pe òbí wá sílé-ẹ̀kọ́ ní Jímọ̀? Níbí ní Kano, tí aago méjìlá bá ti lù báyìí, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni gbogbo wa ń gbà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi aago sí i, bóyá mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì òbí ò ní yọjú.

Atẹ̀wé Mararaba

Ẹ ṣeun, Ọmọ Ọ̀fà. Máa sọ fún wọn nípa aago, òótọ́ ni wọn ò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ principal àti principle yìí gan-an ló ká mi lára. Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ tẹ `Replace All` yẹn, ọwọ́ mi kàn lọ́ra ni.

Olùkọ́ Àgbà Zaria

Atẹ̀wé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ó dára bí ọwọ́ yín ṣe lọ́ra. Bí ẹ bá tẹ `Replace All`, ẹ máa tún ibi mẹ́ta ṣe, ẹ sì máa ba ibì kan tó tọ̀nà jẹ́. Ibi tí kò tọ̀nà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún á sì wà bẹ́ẹ̀, kò ní kàn án rárá.

Èdè Òyìnbó ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Zaria, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọgbọ́n "pal" tí Ìyá Ìbejì mú wá dára fún ìlà àkọ́kọ́ àti ìbuwọ́lù nìkan. Ibi tó ti ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà ni pé ó jẹ́ kí wọ́n rò pé èèyàn nìkan ni principal. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ìwé yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kìíní, "The Principle wishes to inform". Ta ló fẹ́ sọ nǹkan fún òbí? Pírínsípà ni. Ìlànà ò lẹ́nu. Principal ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìlà kejì, "The principle reason". Kò sí èèyàn níbí, síbẹ̀ principal ló tọ̀nà! Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé ìdí pàtàkì tó ṣáájú gbogbo ìdí yòókù ni ìdánwò àwọn SS3. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá dúró níwájú ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ pé òun ni olórí, òun ló ṣe kókó jù, principal ni. "The principal reason", "the principal cause of the fire", "Kano is the principal city of that region". Ẹ fi "main" dípò rẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá ṣì dúró dáadáa, principal ni kí ẹ kọ, ọkàn yín á balẹ̀. Principle kì í ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìlà kẹta, "agreed in principle". Èyí tọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ti fara mọ́ ọn pé àwọn máa san án díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì sọ iye àti ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n lọ rí bọ́sà. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè fi "main" síbẹ̀: "agreed in main". Kò gbà. Ìlà yìí gan-an ni `Replace All` ìbá bàjẹ́.

Ìlà kẹrin, ti 5% yẹn, principal ni. Ojú owó ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Mo fura pé àwọn tó mọ owó ju èmi lọ máa fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlà yẹn, torí pé àìdáa rẹ̀ ju ti lẹ́tà lọ.

Ìlà karùn-ún, "guiding principals". Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ohun tó ń sọ ni pé àwọn pírínsípà kan wà tí wọ́n ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà, pé títètè dé ilé-ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Principles ló yẹ, àwọn ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ìbuwọ́lù tọ̀nà.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti ìlà kẹta yé mi, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ ní principle kì í dúró níwájú ọ̀rọ̀ láti sọ irú ẹni tó jẹ́. "Principled man" ńkọ́? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń lò ó fún àwọn olóṣèlú tí kò gbowó ẹ̀yìn.

Olùkọ́ Àgbà Zaria

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ wo ìparí rẹ̀, "d" wà níbẹ̀: principled. Ẹni tó ní ìlànà tí kì í yẹ̀ ni. Láìsí "d" yẹn, "a principle man" kì í ṣe Òyìnbó tó pé. Bí ẹ bá wá kọ "the principal man", ọkùnrin tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ kan lẹ ń sọ, ó sì lè jẹ́ olè.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Nyanya

Ẹ kú ìjíròrò. Ti Bàbá Olùkọ́ nípa "main" yẹn ló bá ohun tí ojú wa ń rí lọ́fíìsì mu. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èèyàn á ṣe Senior Administrative Officer ní lẹ́fẹ̀ẹ́lì 10, kó tó di Principal Administrative Officer ní lẹ́fẹ̀ẹ́lì 12. Kò kọ́ ọmọ kankan, kò ní ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ principal ni wọ́n ń kọ sí oyè rẹ̀. Àwọn olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin náà, "principal officers" ni ìwé ìròyìn ń pè wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan gba ìgbéga, ó lọ tẹ káàdì tó máa fi ń ṣàfihàn ara rẹ̀. Ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ kọ "Principle Accountant" gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ó ti pín in fún èèyàn kí ọ̀gá rẹ̀ tó fi hàn án. Àwọ̀ rẹ̀ dára, páálí rẹ̀ nípọn, kò sì ṣeé lò mọ́. Atẹ̀wé, bí ẹ ṣe dúró bèèrè yìí, ó wú mi lórí.

Akọ̀wé Báńkì, Wuse

Mo ti ń dúró de ìlà kẹrin yẹn. Ẹ̀ka tó ń yáni lówó ni mo wà.

Lọ́dọ̀ wa, principal ni owó tí a yá ọ gan-an, èlé ni èyí tó gorí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá yá 500,000 náírà, principal rẹ̀ ni 500,000 yẹn. Bó bá ti dá 200,000 padà lára ojú owó, 300,000 ló kù nínú principal. Kò sí ìgbà kankan tí a ń kọ principle sí ìwé ẹ̀yáwó. Mo ti rí i nínú lẹ́tà àwọn oníbàárà lóòótọ́, "I have paid the principle remaining the interest". A mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, a kàn ń fojú fò ó ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkéde yìí ju lẹ́tà lọ, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe fura. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ 180,000 náírà. Òbí kan ti san 120,000, ó ku 60,000, ọjọ́ sì ti kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn máa fi 5% lé "principal". Èwo ni principal yìí? Bó bá jẹ́ gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́, 9,000 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù, 3,000 ni. Òbí á ka tirẹ̀ sí 3,000, bọ́sà á ka tirẹ̀ sí 9,000, wọ́n á wá fa ọ̀rọ̀ náà níwájú géètì lábẹ́ bánà tí ẹ tẹ̀.

Ẹ tún lẹ́tà rẹ̀ ṣe, ẹ fi principal síbẹ̀, ìjà yẹn ò tíì kúrò. Kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá ni. Kí wọ́n kọ "on the unpaid balance" bó bá jẹ́ èyí tó kù ni wọ́n ń sọ, tàbí "on the full term's fees" bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kano

Háà! Èmi tí mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo rò ni pé 5% náà máa lọ sápò pírínsípà. Mo ti fẹ́ sọ pé ìwà ìbàjẹ́ ti dé ilé-ẹ̀kọ́.

Akọ̀wé Báńkì, Wuse

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ ò jẹ̀bi rárá. Ẹ wo ìwé náà: wọ́n fi pírínsípà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi pírínsípà parí, wọ́n wá ní "5% on the principal" láàárín. Òbí tí kò bá báńkì ṣe pọ̀ máa kà á bí ẹ ṣe kà á.

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Mo gbà pẹ̀lú Akọ̀wé Báńkì, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìwé tó bá dá lórí owó, tí èèyàn méjì lè kà sí ọ̀nà méjì, ìwé ìjà ni.

Mo fẹ́ fi tiwa kún un, torí Ìyá Ìbejì sọ pé èèyàn ni principal, ẹ sì ti ń bá a jiyàn pé kì í ṣe èèyàn nìkan. Nínú òfin, ó tún jẹ́ èèyàn, àmọ́ kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo yín tí ẹ ti wá ilé ní Abuja mọ ejẹ́ǹtì. Onílé tó rán ejẹ́ǹtì níṣẹ́ ni òfin ń pè ní principal. Ejẹ́ǹtì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, ó lè gba owó fún un bó bá fún un láṣẹ, ohun tó bá sì ṣe láàárín àṣẹ yẹn, ọrùn onílé ló wà. Nítorí náà bí ẹ bá rí "the agent must account to his principal" nínú ìwé àdéhùn, kò sí olùkọ́ kankan níbẹ̀.

Ní ti principle, ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí Orí Kejì. Àkọlé rẹ̀ ni "Fundamental Objectives and Directive Principles of State Policy". Àwọn ìlànà tó yẹ kí ìjọba máa tẹ̀ lé ni. Kí ẹnì kan fi "a-l" kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn pírínsípà ló máa di alákòóso orílẹ̀-èdè.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Mo ti gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n yí ti mi padà díẹ̀ kí n má bàa kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìdajì. Bó bá ti jẹ́ ìlànà, ìgbàgbọ́ tàbí òfin tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́, principle. Gbogbo ohun yòókù, ìbáà ṣe èèyàn, owó tàbí "pàtàkì jù", principal. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà Zaria

Ó tọ́ gan-an. Ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà yìí rọrùn ju bí ìwé ṣe ń gbé e lọ. Ìdí principle ni kí èèyàn dì mú, torí iṣẹ́ kan ló ń ṣe. Principal ló pín sí ọ̀nà púpọ̀.

Òfin tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́ tí ẹ dá yẹn, ẹ fi ti ilé-ẹ̀kọ́ sí i: bí olùkọ́ físíìsì bá lẹ àkọlé "Archimedes' principle" mọ́ ara ògiri, ó tọ̀nà. Ìlànà bí omi ṣe ń ti nǹkan sókè ni. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní "Archimedes' principal" sára ògiri láàbù kan, bí ẹni pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí Archimedes lọ ni wọ́n ń sọ.

Ibì kan kù tí kò yẹ kí á fò. "In principle" àti "on principle" kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wọn bára mu. "The PTA has agreed in principle to buy a bus": ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti gbà pé ó dáa, àmọ́ kò tíì sí owó, kò tíì sí ọjọ́. "The PTA chairman refused the gift on principle": alága kọ ẹ̀bùn náà nítorí ohun tó gbà gbọ́, kì í ṣe pé ẹ̀bùn náà kò dára. Bí wọ́n bá kọ "on principle" sí ìlà kẹta yín, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà pátápátá. Á wá dà bíi pé ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ àwọn òbí ló ní kí wọ́n máa san owó díẹ̀díẹ̀.

Òǹkàwé Jos

Ẹ gbà mí láyè. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni kí n kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá. Bó bá jẹ́ "ìlànà" ló wá sí mi lẹ́nu, principle. Bó bá jẹ́ "ọ̀gá" tàbí "olórí", principal. Kò sí ìdí fún gbogbo "main" yìí.

Olùkọ́ Àgbà Zaria

Ó ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lórí ìlà kẹta. Bí Yorùbá ṣe máa sọ ọ́ ni pé "àwọn òbí tó ti fẹnu gbà". Ìlànà ò sí nínú gbólóhùn yẹn, ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Kí ni ẹ máa wá kọ? Ẹ tún dán an wò lórí ìlà kẹrin, "ojú owó" ló máa wá sí yín lẹ́nu.

Òǹkàwé Jos

Èmi á fi ti ìlà kẹta sórí bẹ́ẹ̀, ó parí. Ti "main" yín náà ò ṣiṣẹ́ lórí ìlà kẹrin, Bàbá. "5% on the main"? Kò mọ́gbọ́n wá.

Olùkọ́ Àgbà Zaria

Òótọ́ lẹ sọ. "Main" kò dé ibi ọ̀rọ̀ owó. Ti owó, àfi kí èèyàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé Mararaba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làálàá. Mo ti tò ó báyìí. Mo lo `Ctrl+F`, mo kọ `princip` nìkan, ó sì kó gbogbo ibi tí méjèèjì wà jọ fún mi. Mo wá yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
The Principal wishes to inform all parents that
Open Day has been moved to Friday.
The principal reason for the change is the SS3
mock examination.
Parents who have agreed in principle to pay by
instalments should see the Bursar.
A charge of 5% will be added on the ________
after the due date.
Punctuality is one of the guiding principles
of our school.

Signed: The Principal
```

Mo fi ìlà kẹrin sílẹ̀ lófìfo. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé kí n kàn tẹ̀ ẹ́ lọ lẹ́yìn tí mo bá ti fi "unpaid balance" síbẹ̀, àbí kí n pè wọ́n? Pírínsípà náà le díẹ̀. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa bá a tún Òyìnbó ṣe.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Nyanya

Ẹ tún àwọn mẹ́rin tó jẹ́ lẹ́tà ṣe, ẹ dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa bínú pé wọ́n kọ oyè òun dáadáa. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́rin: ìlà kìíní, ìkejì àti ìkarùn-ún. Ìkẹrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà mọ́, ọ̀rọ̀ iye owó ni, atẹ̀wé ò sì láṣẹ lórí rẹ̀. Bó bá kọ "unpaid balance" láìbéèrè, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ní gbogbo owó ni àwọn ní lọ́kàn, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi.

Èmi ò sì fara mọ́ ọn pé kó tún èyíkéyìí ṣe lẹ́yìn wọn. Ìwé wọn ni. Kó fi èyí tó tò ránṣẹ́ sí wọn, kó gba "a fọwọ́ sí i" lórí Wásáàpù, kó tó tan máṣìn.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Nyanya

Ẹ̀yin lọ́yà náà! Tó bá di pé gbogbo lẹ́tà kan ló máa gba ìfọwọ́sí, báwo ni atẹ̀wé ṣe fẹ́ jẹun?

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ọ̀nà wà tí kò ní bí pírínsípà nínú. Ẹ má pe òun, bọ́sà ni kí ẹ pè. Ọ̀rọ̀ owó ni ìlà kẹrin, iṣẹ́ bọ́sà ni. Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 5% yìí, ṣé lórí owó tó kù ni àbí lórí gbogbo rẹ̀? Mo fẹ́ kó hàn kedere lórí bánà." Bó bá dáhùn, ẹ fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ sí i kó wò ó. Àwọn yòókù á gba ibẹ̀ kọjá láìsí pé ẹnì kan sọ pé pírínsípà ò mọ Òyìnbó.

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Mo gba ìyẹn.

Atẹ̀wé Mararaba

Mo pe bọ́sà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun gan-an rò pé lórí owó tó kù ni, àmọ́ òun máa bi olówó ilé-ẹ̀kọ́ kí òun tó fọwọ́ sí i. Ó wá ní kí n tiẹ̀ yọ ìlà yẹn kúrò lára bánà, kó wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ máa mú lọ sílé nìkan. Mo ti fi bánà sẹ́nu máṣìn báyìí. Ìwé ṣì ń dúró de ìdáhùn rẹ̀. Ó fọwọ́ sí aago náà, Ọmọ Ọ̀fà: aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá.

Ọ̀kan péré ló kù kí n tó tẹ bọ́tìnnì. "Principal" ti ìlà kìíní, P ńlá ni mo fi kọ ọ́. Ti ìlà kejì, p kékeré. Ó dáa bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà Zaria

Ó dáa. Ti ìlà kìíní, oyè ẹnì kan pàtó tí gbogbo òbí mọ̀ ni, ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń fi P ńlá kọ ọ́ nínú ìwé tiwọn. Ti ìlà kejì kì í ṣe oyè, "pàtàkì jù" ló ń sọ, p kékeré ló bá a mu. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ bá wọn ṣe pátákó ẹnu ọ́fíìsì, "Principal's Office" ni, kí àmì yẹn wà ṣáájú "s". Pírínsípà kan ló wà níbẹ̀.

Akọ̀wé Báńkì, Wuse

Atẹ̀wé, bí olówó ilé-ẹ̀kọ́ bá dáhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí. Èmi ṣì ń ṣiyèméjì pé 3,000 yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn.